Mọ́nítọ̀ FreeSync méjì, káàdì kan: èwo ni kí ẹ gbé?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ béèrè mọ́nítọ̀ géèmù. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ó ní FreeSync, ọ̀gá mi." Irọ́ kọ́. Àmọ́ orúkọ yẹn nìkan kò tó ohun tí èèyàn ń náwó lé.

Mọ́nítọ̀ lásán tó jẹ́ 60 Hz máa ń ya àwòrán sójú rẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ì báà jẹ́ pé káàdì gíráfíìkì ti parí iṣẹ́ tàbí kò tíì parí. Bí àwòrán tuntun bá já lù ú lẹ́nu iṣẹ́, òkè á jẹ́ àwòrán àtijọ́, ìsàlẹ̀ á jẹ́ tuntun, ẹ ó sì rí ìlà níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní VRR ló ń mú kí mọ́nítọ̀ dúró de káàdì. FreeSync ni AMD ń pe tirẹ̀, G-SYNC ni ti NVIDIA. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, káàdì NVIDIA láti GTX 10 sókè ti lè bá mọ́nítọ̀ FreeSync ṣiṣẹ́, bí ó bá jẹ́ DisplayPort ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àbúrò kan tó ń gbé nítòsí LAUTECH fẹ́ ṣìnà. Ó ní GTX 1660. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo méjì yìí, èyí àkọ́kọ́ ló pọ́ọ́kú."

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 75 Hz, ó ní ihò HDMI àti VGA nìkan. FreeSync orí HDMI irú àwọn mọ́nítọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti AMD. GTX 1660 kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tó bá so ó pọ̀ á wá `Set up G-SYNC` títí nínú NVIDIA Control Panel, kò ní rí i. Ká ní RX 580 ti AMD ni àbúrò yìí ní, ǹ bá sọ pé kó gbé e, pàápàá bí ó bá jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù tó dúró ṣinṣin sórí 60 ló ń gbá.

Èkejì wọ́n díẹ̀. 144 Hz ni, ó sì ní DisplayPort. Àmọ́ ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni bí ààlà VRR rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ti àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ láti 48 dé 75, ti èkejì láti 48 dé 144. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ bí iye àwòrán géèmù tó wúwo bá já sí 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Mọ́nítọ̀ kejì á rí àwòrán kọ̀ọ̀kan gbà lẹ́ẹ̀mejì: 40 lọ́nà méjì jẹ́ 80, 80 sì wà láàárín ààlà rẹ̀, ojú kò ní mọ̀. LFC ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yẹn. Mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́ kò lè dá a, torí 80 ti kọjá 75 rẹ̀. Bí géèmù bá ti lọ sábẹ́ 48, àwòrán á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí méjì tàbí kó máa kọsẹ̀. Torí náà, ẹ wá ààlà méjèèjì nínú ìwé mọ́nítọ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ti òkè kò bá tó ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀, ẹ má retí LFC.

Ètò rẹ̀ kò pẹ́, àmọ́ ó ní bí ó ṣe tẹ̀ léra. Ẹ kọ́kọ́ fi bọ́tìnì ara mọ́nítọ̀ tan `FreeSync` tàbí `Adaptive-Sync`. Pípa ló sábà máa ń wà. Nínú Windows, ẹ yan 144 Hz, torí ó lè jókòó sórí 60 láìsọ fún yín. Lẹ́yìn náà ni `Set up G-SYNC` á yọjú. Ẹ fi àmì sí `Enable G-SYNC, G-SYNC Compatible`, àti `Enable settings for the selected display model` bí NVIDIA kò bá tíì fọwọ́ sí mọ́nítọ̀ yẹn. Ẹ wá fi `Max Frame Rate` sórí 141, kí géèmù má bàa kọjá 144; bí ó bá kọjá, VRR kò sí mọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ibi tó ṣókùnkùn nínú géèmù nígbà tí iye àwòrán ń lọ sókè sódò nítòsí 48. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ṣẹ́jú bí iná jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ń tán lọ, tí ó sì dúró nígbà tí ẹ pa G-SYNC, mọ́nítọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ojú wọn jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní VA ló wọ́pọ̀ lára wọn jù. Ti àbúrò yìí kò ṣẹ́jú, ó sì gbé e.

Wáyà DisplayPort kò sí nínú páálí. Ọjọ́ kejì ló tó rí ọ̀kan rà, HDMI ló sì fi wo ojú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó gbé e, láìsí `Set up G-SYNC` kankan.