Ríchájébù tí mo fi ń máàkì ìwé ìdánwò, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń bèèrè iná ríchájébù tí mo rà lọ́jà Ìgbóná, bó ṣe ṣe sí mi rèé. Ìwé ìdánwò JSS 2 ga gègèrè lórí tábìlì, òjò rọ̀, wọ́n sì mú iná lọ. Òṣogbo tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà ni o! (Ibẹ̀ kọ́ ló ń pín in kiri àdúgbò ṣá, mo mọ̀.)

Àtùpà kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ tàn, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ pọ́n, bíírò pupa ò wá hàn dáadáa lórí ìwé mọ́, ojú mi ń wá máàkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ti ríchájébù yìí funfun, pupa yọ kedere. Mo so ó mọ́ irin fèrèsé lápá òsì torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, bó bá wà lápá ọ̀tún, òjìji ọwọ́ yín náà lẹ ó máa máàkì.

Ó lè tàn kékeré, àárín tàbí ńlá. Ńlá yẹn ń ta yanranyanran lára ìwé funfun, ó sì ń pe èsúnsún. Wọ́n ya wọlé lóòótọ́, ìyẹ́ wọn ń já sórí ìwé ọmọ tó ń ṣàlàyé bí ewé ṣe ń se oúnjẹ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ n wá nǹkan ṣe sí i," ló bá gbé abọ́ omi kalẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lórí, wọ́n bá rọ́ lọ síbẹ̀. Èmi yí tèmi sí àárín.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni pé kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣú, ojú yín á sì máa bá a lọ láì mọ̀. Ọmọ tó fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà ni mo fi ń mọ̀: tí 3 bá ti ń jọ 8, mo ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ríro máàkì pọ̀, àárọ̀ ni mo fi í sí. Ọmọ kan gba 14, 11 àti 18, 43 nínú 60 nìyẹn, ká ní mo ka 18 yẹn sí 13 nínú òkùnkùn, 38 ló máa gbé lọ sílé, ìyá ẹ̀ á sì wá bá mi ní sítáàfù-rúùmù.

Bátìrì ẹ̀ ló bí mi nínú. Irú tó wúwo ni, tó ní òjé àti ásíìdì, tẹ́ ẹ bá lò ó tán tẹ́ ẹ wá jù ú sí kọ́ńbọ́ọ̀dù di ìparí họ́lídè, kò ní gba ṣájì dáadáa mọ́, ẹni tó tà á ò sì sọ. Ẹ máa ṣájì í tí iná bá ti dé, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ lò ó. Tówó bá wà, onílítíọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ bèèrè, ó fúyẹ́, ọwọ́ yín á sọ fún yín.

Mo fún un ní 3 nínú 5, bátìrì ló jẹ 2 tó kù.