Dífẹ́rẹ́ńṣíétì padà, àbí fi nọ́ńbà dán ìdáhùn wò?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé ká dífẹ́rẹ́ńṣíétì ìdáhùn íńtígíréṣọ̀n padà. Ó máa ń tú àṣìṣe agbára x fó kíákíá, àmọ́ kì í rí C rárá. Ká ní dy/dx = 2x, tí y sì jẹ́ 5 nígbà tí x jẹ́ 1. Ẹni tó kọ y = x² máa rí 2x padà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ọ̀nà kejì kò ní gbà fún un: fi 1 sí ipò x, 1 ló máa jáde, kì í ṣe 5. Ìdáhùn gan-an ni y = x² + 4.

Ti ààlà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo èyí:

```
∫₀² 2x(x²+1)³ dx
```

A fi u dípò x²+1, ó di u⁴/4. Ó tọ̀nà, dífẹ́rẹ́ńṣíétì padà á sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá wá fi ààlà x, 0 àti 2, sí ipò u máa rí 4. Ṣùgbọ́n tí x bá jẹ́ 1, ohun tí à ń ṣe íńtígíréṣọ̀n rẹ̀ ti jẹ́ 16, ó sì ń ga sí i ni. Láti 1 dé 2 nìkan, àyè abẹ́ rẹ̀ ti ju 16 lọ, 4 wá ti ṣe jẹ́? Ààlà u jẹ́ 1 àti 5, ìdáhùn sì jẹ́ (625 − 1)/4 = 156.

Nítorí náà, níbi tí ààlà bá wà, nọ́ńbà ni mo máa kọ́kọ́ gbára lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ ibi tí àṣìṣe wà. Tí kò bá sí ààlà, tí wọn ò sì fún wa ní iye y kankan, ojú lásán la fi ń wá +C.