Àwòṣe lẹ́sìn nóòtì tí olórí ẹ̀ka wa fún wa: ojú tí mo fi rí i

Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ ní ilé-ìwé kan ní Ṣágámù. Olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wa ló fi àwòṣe kan ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wásáàpù, kí nóòtì wa lè jọra. Mo ti ń lò ó láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ ni òpó mẹ́ta tó wà láàárín: èròǹgbà, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àti ìbéèrè ìgbéléwọ̀n. Èròǹgbà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, nítorí náà èyí tí kò bá ní ìbéèrè á hàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ lórí yíya iyọ̀ kúrò nínú yanrìn, ní ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò “mọ” ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Tí ẹ bá dé òpó kẹta, kí lẹ fẹ́ béèrè? Àwòṣe náà ló jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí: akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìdí tí a fi ń bu omi sí i kí a tó sẹ́ ẹ. Ìbéèrè rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ ń yòrò nínú omi, yanrìn kì í yòrò. Omi iyọ̀ á gba inú bébà asẹ́ kọjá, yanrìn á kù sókè, a ó sì gbé omi náà kaná títí yóò fi gbẹ tí iyọ̀ á ṣẹ́kù.

Àpótí ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá náà dára, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fojú rí tàbí fọwọ́ ṣe ni kí á kọ. Jíjọ̀ gàrí ni mo kọ. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú tí kò tíì rí i. Ibẹ̀ ni mo ti bi wọ́n pé ṣé asẹ́ gàrí lè ya iyọ̀ kúrò nínú yanrìn. Kò lè ṣe é, nítorí hóró méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni àkókò. Wọ́n ti pín ogójì ìṣẹ́jú sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: 5 fún ìbẹ̀rẹ̀, 25 fún ẹ̀kọ́, 5 fún ìgbéléwọ̀n, 5 fún ìparí. Ìyẹn dára fún ẹ̀kọ́ ẹnu, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ tó ń kán tótó láti inú bébà asẹ́ kò ní yára nítorí àwòṣe. Mo lọ bá ọ̀gá wa, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ṣe ti píríọ́dù méjì.” Wọ́n gbà, wọ́n ṣe ẹ̀dà míì fún iṣẹ́ yàrá ìwádìí, àlàfo àkókò rẹ̀ sì ṣófo kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ lè kọ ọ́.

Nǹkan kan ṣì ń dùn mí. Nítorí pé fáìlì kan náà ni gbogbo wa ń kọ lé lórí, ọ̀rọ̀ kíláàsì míì máa ń kù sínú rẹ̀. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó: kíláàsì ọmọ ọgbọ̀n á di ọmọ márùndínláàádọ́ta lórí bébà. Kí àwọn olórí ẹ̀ka ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ pa, kí ó jẹ́ kíkà nìkan, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ kí ó tó kọ ohunkóhun sí i.