Àgbéyẹ̀wò áàpù tó ń fi fọ́tò dá òkúta mọ̀: wúrà ni àbí kì í ṣe wúrà?

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún áàpù yìí, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn sá fún un. Ó yára, kò jẹ dátà púpọ̀, àwòrán tó fi ń ṣàlàyé òkúta kọ̀ọ̀kan sì dára gan-an. Ohun tí mo torí rẹ̀ yọ ìràwọ̀ méjì ni pé ó máa ń fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí fọ́tò kan ṣoṣo ò lè fi hàn.

Òkúta tí mo fi dán an wò kì í ṣe àjèjì sí mi. Páíráìtì ni, ìyẹn irin àti súfúrù tó so pọ̀ di ọ̀kan, tí àwọn èèyàn ti ń fi pe wúrà láti ayébáyé. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí n tó ya fọ́tò rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe orúkọ òkúta ni mò ń wá lọ́wọ́ áàpù náà. Ohun tó máa tì í síbi tó tọ́, àti ohun tó máa ṣì í lọ́nà, ni mo fẹ́ rí.

Fọ́tò àkọ́kọ́, inú yàrá ni mo ti yà á, lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n, mo sì tan fíláàṣì fóònù sí i. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa yà á nìyẹn. Kíá ni áàpù dáhùn pé wúrà ni, ó sì kọ ìdá tó ga, ìyẹn bó ṣe dá a lójú tó, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti búra. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọ̀ páíráìtì fúnra rẹ̀ dà bí idẹ tó ṣí díẹ̀, ó fẹ́ máa funfun. Iná gílóòbù ló bu ìpọ́n kún un tó fi dà bíi wúrà. Fíláàṣì ní tirẹ̀ tan láti ọ̀kánkán, ó sọ ojú òkúta náà di funfun báláú, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sì pòórá. Àwọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún áàpù, àwọ̀ ọ̀hún pàápàá kì í ṣe ti òkúta náà.

Mo wá gbé e síta lọ́sàn-án, níbi òjìji, mo fi bébà funfun sí abẹ́ rẹ̀ kí kámẹ́rà lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun. Wúrà kúrò lókè. Páíráìtì àti kalikopáíráìtì ló ń bá ara wọn du ipò kìíní. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, torí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn méjèèjì. Kalikopáíráìtì ní bàbà nínú ní tirẹ̀, ó pọ́n ju páíráìtì lọ, tí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ sí i fúngbà díẹ̀, ojú rẹ̀ máa ń yọ àwọ̀ búlúù, àwọ̀ àlùkò àti ewé. Ṣùgbọ́n páíráìtì náà máa ń ṣá nígbà míì, nítorí náà àwọ̀ ò lè parí ẹjọ́ yìí.

Dídán ló kàn. Òkúta tó bá ń dán bí irin kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀ rárá, ńṣe ló máa ń dá a padà. Bí páíráìtì àti wúrà ṣe rí nìyẹn. Máíkà, òkúta míì táwọn èèyàn máa ń fi pe wúrà, kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tó ti gbó lára rẹ̀ máa ń pọ́n tó sì máa ń kọ mànà nínú iyanrìn, àmọ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, ó ṣeé fi èékánná ṣí, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba etí rẹ̀ kọjá. Láti rí èyí, ẹ gbọ́dọ̀ yí òkúta náà láàárín fọ́tò kan sí èkejì. Ojú páíráìtì kan máa tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ bá yí i díẹ̀, á ṣókùnkùn pátá, ojú kejì á sì tàn. Ègé wúrà gidi kò ní ojú tó tẹ́ báyẹn, ibi gbogbo lára rẹ̀ ló máa ń dán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà bó ti wù kí ẹ dì í mú. Bọ́tìnì tí a fi ń kún fọ́tò mọ́ fọ́tò wà nínú áàpù yìí o, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í pa mọ́ sí, lẹ́yìn ìpolówó. Mi ò mọ ẹni tó rò pé ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ṣe áàpù náà ò kọ: wọ́n ní kí ẹ fọ òkúta, wọn ò ní kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Òkúta tó tutù máa ń dán bíi gíláàsì, ohun yòówù kó jẹ́.

Fọ́tò tó yanjú ọ̀rọ̀ ni èyí tí mo yà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ilẹ̀. Òkúta mi rí bíi dáìsì, ojú mẹ́fà, igun rẹ̀ mú. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe gba ara rẹ̀ kọjá, àwọn ìlà tínínrín fara hàn lójú kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà wọ́n. Ibi tó wà fún wíwò ni pé ìlà ojú kan dábùú ìlà ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú kẹta náà sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí kírísítálì náà ń dàgbà, ìrísí méjì ló ń jìjàdù lára rẹ̀, ìlà wọ̀nyẹn sì ni ojú ìjà wọn. Ẹ ò ní rí i lára wúrà, kalikopáíráìtì kì í sì í ní i lọ́nà yìí. Bí mo ṣe fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, páíráìtì nìkan ló kù lókè.

Tí òkúta náà bá jẹ́ ìṣù lásán, tí kò ní ojú kankan tó tẹ́, áàpù á máa ṣiyèméjì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè ya fọ́tò tó máa gbà á sílẹ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ fi òkúta náà ha ẹ̀yìn táìlì, níbi tí kò ti dán. Wúrà á fa ìlà aláwọ̀ wúrà, páíráìtì á fa ìlà dúdú tó fẹ́ jọ ewé. Kalikopáíráìtì náà máa ń fa irú ìlà yẹn, nítorí náà ọ̀bẹ irin ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí ìwọ̀n líle tó lọ láti 1 dé 10, páíráìtì wà ní 6 sí 6.5, ọ̀bẹ kì í sábà lè ha á. Kalikopáíráìtì wà ní 3.5 sí 4, ọ̀bẹ á ha á. Wúrà rọ̀ ju méjèèjì lọ, 2.5 sí 3, ńṣe ló máa tẹ̀ wọnú dípò kó fọ́.

Áàpù yìí kò ní ibì kankan tí ẹ lè kọ ohun tí táìlì tàbí ọ̀bẹ sọ sí. Fọ́tò nìkan ló ń gbà, ìdá tó ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ sì ń ṣe bíi pé fọ́tò ti tó. Èyí tí a ń sanwó fún kò yanjú rẹ̀, ìpolówó ló kàn ń mú kúrò, torí náà ọ̀fẹ́ ni mo ṣì ń lò. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi àyè kan sí i fún àwọ̀ ìlà orí táìlì, màá padà wá fi ìràwọ̀ kan kún un.