Firestore, CouchDB àbí SQLite: èwo ni kí ẹ mú fún áàpù tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí?

Bí ẹ bá fẹ́ sanwó fún áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa fi kọ nǹkan sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í dúró, ohun tí ẹ ń rà gan-an ni ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ inú fóònù yóò gbà dé sáfà láìsọnù, tí kò sì ní di méjì. Ojú áàpù ṣeé tún ṣe nígbàkígbà. Ọ̀nà yìí, ìyẹn síńkì, kò ṣeé pààrọ̀ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí fóònù 20 bá ti ní àkọsílẹ̀ nínú. Dátábéèsì mẹ́ta la ó fi wéra níbí: Firestore ti Google, CouchDB pẹ̀lú PouchDB tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí fóònù, àti SQLite tí ẹni tó ń kọ áàpù yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síńkì lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ká sì gbé e gba ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Páálí oògùn 40 wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Òṣìṣẹ́ méjì ni iye yìí hàn lórí fóònù wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Òṣìṣẹ́ kìíní kó páálí 5, fóònù rẹ̀ kọ 35. Òṣìṣẹ́ kejì kó 8, fóònù tirẹ̀ kọ 32. Páálí 27 ló ṣẹ́ kù lórí pẹpẹ. Kí ni sáfà yóò sọ pé ó kù?

Lọ́dọ̀ Firestore, èyí tó dé kẹ́yìn ló borí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìgbà tó dé sáfà là ń wí, kì í ṣe ìgbà tí òṣìṣẹ́ kọ ọ́. Bí fóònù kìíní bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn ti ìkejì, 35 ni yóò dúró, páálí 8 tó jáde kò sì ní sí níbì kankan nínú ìwé. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ìwé yóò dá yín lójú títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá lọ ka ẹrù.

CouchDB kì í ju èyíkéyìí nù. Ó tọ́jú méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka méjì lára àkọsílẹ̀ kan náà, ó wá fi ọ̀kan hàn. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà jù ló máa ń mú. Bí wọ́n bá dọ́gba, á fi àmì `_rev` wọn wéra, èyí tó tóbi jù sì borí. Nípa bẹ́ẹ̀ gbogbo fóònù àti sáfà ń mú ọ̀kan náà láì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka kejì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní rí i àfi bí áàpù bá fi `?conflicts=true` béèrè fún un. Nítorí náà, bí ẹni tó fẹ́ ta áàpù fún yín bá ní CouchDB lòun lò, ẹ ní kó fi ojú ìwé tí wọ́n ti ń yanjú ìforígbárí hàn yín. Bí kò bá sí, lójú òṣìṣẹ́, kò yàtọ̀ sí ti Firestore.

SQLite kò ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹni tó kọ síńkì bá ní kó ṣe ló máa ṣe, ìyẹn sì ni agbára rẹ̀ àti ewu rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí áàpù kọ iye tó ṣẹ́ kù rárá, irú irinṣẹ́ yòówù kí ẹ mú. Kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: «páálí 5 jáde», «páálí 8 jáde», kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Sáfà yóò wá yọ 5 àti 8 kúrò nínú 40, yóò sì rí 27, èyí ó wù kó kọ́kọ́ dé. Firestore ní `FieldValue.increment(-5)` tó lè dín iye kù tààrà, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ jù ú lọ, torí ó ń fi ẹni tó kó ẹrù àti ìgbà tó kó o hàn.

Ìṣòro kejì kì í hàn nígbà tí wọ́n bá ń dán áàpù wò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára. Fóònù fi «páálí 5 jáde» ránṣẹ́, sáfà gbà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ìdáhùn tó padà. Fóònù ò mọ̀ pé ó ti dé, yóò tún un rán. Bí sáfà ló ń fún àkọsílẹ̀ ní nọ́ńbà, yóò gbà á bí ẹni pé tuntun ni, 27 yóò sì di 22. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí fóònù fúnra rẹ̀ ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá tẹ «fi pamọ́», kí nọ́ńbà yẹn má sì yí padà bó ti wù kí wọ́n tún un rán tó. Bí Firestore ṣe ń ṣe é nìyẹn bí ẹ bá lo `doc()`, PouchDB náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí áàpù bá fi `_id` tirẹ̀ sí i. Lọ́dọ̀ SQLite, ẹni tó kọ síńkì ló gbọ́dọ̀ rántí, kí sáfà sì máa gbà á báyìí:

```sql
INSERT INTO isele (id, oja, iye)
VALUES (?, ?, ?)
ON CONFLICT (id) DO NOTHING;
```

Bí àkọsílẹ̀ náà bá dé lẹ́ẹ̀kejì, sáfà kò ní kọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dáhùn pé «mo ti gbà á», kí fóònù lè yọ ọ́ kúrò nínú ìlà àwọn tó ń dúró de sáfà. Lórí fóònù, àkọsílẹ̀ àti ààyè rẹ̀ nínú ìlà gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀ nínú ìdúnàádúrà dátábéèsì kan ṣoṣo, kí méjèèjì wọlé tàbí kí ìkankan má wọlé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí fóònù sì kú láàárín méjèèjì, àkọsílẹ̀ yóò wà lójú òṣìṣẹ́ láìlọ sáfà láéláé. Ẹ ó mọ èyí bí ìlà bá ṣófo, síbẹ̀ tí iye àkọsílẹ̀ inú fóònù ju ti sáfà lọ.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí sáfà bá kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ kan, bóyá nítorí pé òṣìṣẹ́ náà kò láṣẹ mọ́? Níbí ni Firestore ti máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ó ti gba àkọsílẹ̀ náà sórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Nígbà tí sáfà bá wá kọ̀ ọ́, yóò yí i padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ kọ yóò sì pòórá. Bí wọ́n bá ti pa áàpù tí wọ́n sì tún un ṣí, kóòdù tó yẹ kó gbọ́ nípa àṣìṣe náà kò sí nídìí rẹ̀ mọ́. PouchDB máa ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ `denied` kéde rẹ̀, àkọsílẹ̀ sì wà lórí fóònù. SQLite lè dára jù níbí, bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa: èyí tí sáfà kọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìdí rẹ̀, àwọn tó kù ń lọ. Bí wọn ò bá kọ ọ́ dáadáa, àkọsílẹ̀ kan tí sáfà kò fẹ́ yóò dúró níwájú ìlà, kò sì sí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò kọjá.

| | Firestore | CouchDB àti PouchDB | SQLite àfọwọ́kọ |
|---|---|---|---|
| Èèyàn méjì tún àkọsílẹ̀ kan ṣe | Èyí tó dé kẹ́yìn borí | Ó tọ́jú méjèèjì, ó fi ọ̀kan hàn | Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ |
| Sáfà kọ̀ láti gbà á | Ó pòórá lójú fóònù | Ó kù sórí fóònù | Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ |
| Iye àkọsílẹ̀ tí a dì papọ̀ rán lẹ́ẹ̀kan | Kò ṣeé yàn | `batch_size` | Ẹ̀yin lẹ ó yàn án |
| Ibi tí owó ń bá lọ | Iye ìgbà tí a ka àkọsílẹ̀ àti tí a kọ ọ́ | Sáfà àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ | Àkókò ẹni tó ń kọ kóòdù |

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára yàtọ̀ sí èyí tí kò sí, òun ló sì ń dààmú áàpù jù. Ẹ jẹ́ ká ní àkọsílẹ̀ 300 ló ń dúró, kílóbáìtì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé kílóbáìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú àáyá 150 ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà, nítorí náà bí áàpù bá dì wọ́n papọ̀, kò ní parí láéláé: á bẹ̀rẹ̀, á já, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àkọsílẹ̀ 50 sínú ìdì kan. Ìṣẹ́jú àáyá 25 ni yóò gbà, ìdì méjì yóò lọ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já, ìgbà mẹ́ta tó bá dé ló sì máa parí gbogbo rẹ̀. PouchDB ń fi 100 sínú ìdì bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Iye yẹn yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 50, ó ti sún mọ́ etí jù. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di 25:

```js
db.sync(remote, { live: true, retry: true, batch_size: 25 })
```

Firestore kò fún yín ní irú ààyè yìí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń wá tó ń lọ, ó lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10 de sáfà kó tó gbà pé kò sí, kó tó fi èyí tó wà lórí fóònù hàn. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹni tó kọ áàpù bá fi `await` dúró de `setDoc` tó ń kọ àkọsílẹ̀, bọ́tìnnì yóò máa yí títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi padà. Àkọsílẹ̀ ti wọlé sórí fóònù o, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ò mọ̀, yóò tún un tẹ̀, ẹ̀dà méjì tó ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò sì wọlé. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì tó ń yí nígbà tí ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má tíì sanwó.

Ní ti owó, Firestore ń ka iye àkọsílẹ̀ tí fóònù kà, ó sì ní òfin kan tó kan irú áàpù yìí gan-an: bí fóònù tó ń tẹ́tí sí àkọsílẹ̀ bá já fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 30 lọ, nígbà tó bá padà, ó ń ka owó bí ẹni pé ìbéèrè tuntun ni. Fóònù 20 tó ń tẹ́tí sí àkọsílẹ̀ 5,000, tí wọ́n sì ń pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lè ka 200,000 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ 50,000 ni ti ọ̀fẹ́. Ó ṣeé dín kù bí áàpù bá ń béèrè kìkì èyí tó yí padà lẹ́yìn ìgbà tó kà gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pa rẹ́ kò ní hàn nínú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n máa sàmì sí i pé ó ti kúrò dípò pípa á rẹ́. CouchDB àti PouchDB kò gba owó àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè ka dátábéèsì kan lè ka gbogbo ohun inú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan kò bá gbọdọ̀ rí ti ẹlòmíràn, kí olúkúlùkù ní dátábéèsì tirẹ̀, iṣẹ́ olùtọ́jú sáfà yóò sì pọ̀ sí i.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ fífi ìṣẹ̀lẹ̀ kún ìwé, tí ẹ sì ní ẹni tó mọ SQL dunjú tí kò ní lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, SQLite la ó mú. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń tún fọ́ọ̀mù gígùn kan náà ṣe, CouchDB ló yẹ yín. Firestore dára fún ẹgbẹ́ kékeré tí àkọsílẹ̀ wọn kò pọ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú sáfà. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe kó àkọsílẹ̀ yín jáde pẹ̀lú: MongoDB kéde ní oṣù kẹsàn-án 2024 pé òun ó pa Atlas Device Sync, irinṣẹ́ síńkì rẹ̀, tì, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2025, àwọn tí áàpù wọn dúró lé e sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Kí ẹ tó san ìyókù owó, ẹ gba fóònù méjì. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, ẹ kọ àkọsílẹ̀ 50 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí mẹ́wàá jẹ́ lórí ọjà kan náà. Ẹ ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ tún pa á bí síńkì ṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì fipá pa áàpù lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tó wà lórí sáfà. 100 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 99, àkọsílẹ̀ kan sọnù nínú ìlà, bí ó bá sì jẹ́ 101, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ń yí padà nígbà àtúnrán.