Acrobat Pro ni kí ẹ rà, àbí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti tó? Ìfiwéra fún ẹni tí ó fẹ́ fọ PDF mọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irinṣẹ́ tí yóò yọ orúkọ òǹkọ̀wé àti àtúnṣe àtẹ̀yìnwá kúrò nínú PDF, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi olùtajà ni pé: ṣé irinṣẹ́ yìí ń pa ohun àtijọ́ rẹ́ ni, àbí ńṣe ni ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ, tí ó fẹ́ gbé ìṣirò owó gbọ̀ngàn ìlú síta. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan ní Adó-Èkìtì ni wọ́n ti tẹ ìwé náà, wọ́n sì wá yí ₦4,800,000 padà sí ₦4,300,000 nínú PDF fúnra rẹ̀. Orúkọ atẹ̀wé wà ní ìlà Author. Owó àkọ́kọ́ náà lè ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń tún PDF ṣe kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ìparí fáìlì ni wọ́n ń lẹ àtúnṣe mọ́, ẹni tí ó bá sì gé àfikún náà kúrò yóò rí ìwé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí ni ExifTool, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Òun náà ń lẹ àfikún mọ́ ìparí fáìlì ni: Author kò ní hàn mọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ kan ṣoṣo lè dá a padà. (Ó ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ta ni ó ń ka ìkìlọ̀?) Ẹ gbọ́dọ̀ fi qpdf, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, tún fáìlì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀:

```
exiftool -all= isiro.pdf
qpdf --linearize isiro.pdf isiro-mimo.pdf
exiftool isiro-mimo.pdf
```

Ìlà kẹta jẹ́ àyẹ̀wò: bí Author bá ṣì hàn, iṣẹ́ kò tíì parí. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `_original` kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, nítorí ògidì ìwé tí a kò tíì fọ̀ ni. Àlébù ọ̀nà yìí ni pé kì í fọwọ́ kan àkíyèsí tí a kọ sí etí ìwé, fáìlì tí a so mọ́ ọn, tàbí dátà tí ó wà nínú fọ́tò inú rẹ̀.

Acrobat Pro ń yọ àkíyèsí àti fáìlì àsomọ́ pẹ̀lú, bí ẹ bá lo Sanitize Document rẹ̀, èyí tí kò sí nínú Reader ọ̀fẹ́. Owó tí a ń san léraléra ni, nítorí náà mo rò pé ọ́fíìsì tí ó ń gbé ìwé síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ tẹ àṣẹ, ni ó tọ́ sí. Sanitize Document tún máa ń yọ líǹkì inú ìwé, kí ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ti mat2, tí ó wà fún Linux, le jù: ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ di àwòrán. Kò sí àtúnṣe tí yóò ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n a kò ní lè ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́, ètò tí ń kàwé fún afọ́jú kò sì ní rí nǹkan kà. Ní ti akọ̀wé wa, ExifTool pẹ̀lú qpdf tó, níwọ̀n ìgbà tí kò sí àkíyèsí, fáìlì àsomọ́ tàbí fọ́tò nínú ìṣirò rẹ̀.