Búrẹ́dì márùn-ún lórí òṣùwọ̀n: bí olùdámọ̀ràn kan ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi

Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn olùdámọ̀ràn tó ti wá bá mi pé àwọn fẹ́ bá mi tún iṣẹ́ búrẹ́dì mi ṣe á tó mẹ́wàá. Ọ̀kan gbé ìwé ọgbọ̀n ojú ewé wá. Òmíràn ní òun ti rí ìṣòro mẹ́tàdínlógún nínú iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n àfi kí n kọ́kọ́ sanwó kí òun tó dárúkọ ẹyọ kan. Ẹnì kan tún wà tó ní ohun tó ń dà mí láàmú ni pé wọn ò rí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi ni àwọn tó ń gba búrẹ́dì tà ń jókòó sí láti aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ bá ẹni tó ń ta bàtà, ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń gẹrun, bákan náà ni yóò ṣe bá wọn mu. N kò dá ìkankan wọn lóhùn.

Obìnrin kan ni mo gbà fún. Mo ti sanwó fún un, ó ti ṣiṣẹ́ náà tán, mo sì lè sọ ibi tó dùn àti ibi tó korò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀.

Bó ṣe wá nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwòrán mẹ́fà wọlé sórí Wáásáàpù mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ òṣùwọ̀n kékeré kan tí wọ́n gbé irin 500 gíráàmù lé, òṣùwọ̀n náà sì kọ 500 géérégé. Márùn-ún tó kù, búrẹ́dì mi ni: ọ̀rá mi, orúkọ mi, kálukú lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ò gùn:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ra márùn-ún yìí lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tó ń bá yín tà, láàárọ̀ tí ẹ yan wọ́n gan-an. 700 gíráàmù ni ẹ kọ sára ọ̀rá. Èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ 694, èyí tó wúwo jù jẹ́ 761. Tí a bá pín in dọ́gba, 730 ni. Búrẹ́dì márùn-ún kò tó ẹ̀rí o, mà, mo lè ti ṣì í. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín wọn ogún kó tó wọ ààrò. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n yín dúró sí nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.”

Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe sábẹ́ rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Kò dárúkọ owó, kò sì ní òun fẹ́ wá rí mi.

Ká sọ tòótọ́, inú kọ́kọ́ bí mi. Ta ló rán an níṣẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kì í ṣe pé ó ń bú mi pé mò ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé mò ń fún wọn ju ohun tí wọ́n rà lọ. Èmi nìkan ló sì fi ránṣẹ́ sí. Ká ní ó gbé àwòrán 694 yẹn síta fún gbogbo ayé ni, agbẹjọ́rò ni ì bá gbọ́ lẹ́nu mi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń gé e. Òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ méjì la ní lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ ọ̀kan dúró sórí òdo dáadáa. Ti èkejì kò dé òdo rárá, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí 40 gíráàmù. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé nígbà tí ọmọ náà bá rí 800, 840 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. 800 la máa ń gé, nítorí pé omi tó ń gbẹ nínú ààrò máa ń dín in kù tó nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, kó lè já sí 700 tàbí lé díẹ̀. Mo ní kí wọ́n wọn ogún lórí òṣùwọ̀n tó pé. Nígbà tí mo pín in dọ́gba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 830.

Mo fi bébà ọ̀rá fúláwà ṣe ìṣirò níbẹ̀. Àpò fúláwà 50 kílò kan, pẹ̀lú omi, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti iyọ̀ wa, máa ń fún wa ní nǹkan bí 85 kílò tí a bá pò ó tán. Tí a bá gé e ní 800, búrẹ́dì 106 ló wà níbẹ̀. Tí a bá gé e ní 830, 102. Mẹ́rin-mẹ́rin ń lọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, àpò mẹ́jọ là ń lò lóòjọ́. Ẹ bá mi kà á. Mo jókòó sórí àpò fúláwà fúngbà díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti rò pé obìnrin yìí gọ̀ nìyí, torí pé n kò pè é. Mo dúpẹ́, mo ra òṣùwọ̀n tuntun méjì, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ti fún mi lójútùú ọ̀fẹ́, kí ni mo tún ń wá lọ? Òun náà kò tẹ̀ mí láago láti bi mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo tún wọn ogún. Àwọn tó wúwo jù ti dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fúyẹ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ sí i. Mo rí 770, mo rí 765. Òṣùwọ̀n tuntun, ọmọ kan náà, tábìlì kan náà. Èyí kò yé mi. Ẹni tó bá san owó fún ọ̀rá tó kọ 700, tó wá gba 675, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi mí sùn. Mo wá rántí pé nínú àwòrán márùn-ún yẹn, 694 wà níbẹ̀, obìnrin náà kò sì sọ ohun tó fà á. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, bóyá kò tíì mọ̀ ọ́n, n kò bi í léèrè. Mo pè é.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà (₦150,000) ló gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn. Ó ń dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, ó ń jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń kọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àwọn ọmọ ń bi mí pé, “Mọ̀mí, ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n ni?”

Lọ́jọ́ karùn-ún ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àpò méjì la máa ń pò lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé míkísà wa gbà á. Ẹni méjì ló ń gé e, ó sì ń gbà wọ́n ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Láàárín àkókò yẹn, yíìsì ò sùn. Ohun tó kù lórí tábìlì ń wú. Nígbà tó bá di ìdajì ìkẹyìn, ó ti rẹ àwọn ọmọ, àwọn tó ń to agolo ń kígbe pé kí wọ́n yára, wọ́n á pa òṣùwọ̀n tì, wọ́n á máa fojú gé e. Ojú wọn mọ bí 800 ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n 800 tí kò tíì wú lojú wọn mọ̀. Èyí tó ti wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó tóbi bákan náà, ó sì fúyẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe búrẹ́dì. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba owó: àpò kan-kan ni ká máa pò, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ti gé àkọ́kọ́ dé ìdajì. Ó tún ní kí wọ́n máa ha abẹ́ àwo òṣùwọ̀n, torí pé fúláwà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì máa sọ pé 800 pé nígbà tí kò tíì pé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nínú ogún tí a wọ̀n, kò sí èyí tó fi ju 10 gíráàmù jìnnà sí 800.

Ẹjọ́ tí mo ní wá nìyí. Èkínní, kò sọ fún mi pé àwọn oníbàárà á mọ̀. Àwọn tó ń gba búrẹ́dì tà fi ọwọ́ gbé e wò lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní, “Ìyá, búrẹ́dì yín ti fúyẹ́.” Búrẹ́dì tó wúwo yẹn ni wọ́n fi ń yìn mí láti ọjọ́ yìí, èmi ò sì mọ̀. Méjì nínú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo gbé e padà sí 815, tó túmọ̀ sí pé 104 ni mò ń rí nínú àpò, kì í ṣe 106 tí mo fi ń yọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà, pé òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ òun. Èsì yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn tó ń bá mi tà ló yẹ kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀.

Èkejì, òyìnbó ló fi kọ ìwé tó kó fún mi nígbẹ̀yìn. Àwọn tó ń gé e ló yẹ kó kà á, Yorùbá ni wọ́n sì ń kà. Èmi ni mo jókòó tú u. Ẹ̀kẹta, kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní alẹ́ Jímọ̀, tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, tí ìwà wọn sì máa ń bàjẹ́ jù.

Mo tún gbọ́ pé ó fi ọgbọ́n kan náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì lé e. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ ni pé ó ra búrẹ́dì tó ti lo ọjọ́ méjì ní ìsọ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n kàn ká lẹ́nu. Búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ á ti gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á ti wálẹ̀, ẹni tó yan án ò sì jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ tèmi, “láàárọ̀ tí ẹ yan wọ́n gan-an” ló kọ. Tí kò bá jẹ́ gbólóhùn yẹn, èmi náà ò bá ti lé e.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá. Owó tí mo san ti padà wọlé kí oṣù kan tó pé, pẹ̀lú 815 náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó tún kọ̀wé sí mi. Ó fẹ́ kí n máa sanwó lóṣooṣù fún ohun tó pè ní àbójútó, ó sì fi iye owó ọ̀nà mẹ́ta tí mo lè mú ránṣẹ́. Mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀, mò ń wá àwòrán. Kò sí búrẹ́dì kankan níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. N kò tíì dá a lóhùn.